Ohun Tí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Máa Sọ Láàárọ̀ Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbọ́ Pé Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Kú

Ìròyìn ikú ọmọ ilé-ìwé kì í dúró de agogo. Bí ọmọ bá kú ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, ó ti dé orí Wọ́sáàpù àwọn òbí. Àwọn kan ti gbé àwòrán rẹ̀ sójú sítátọ́ọ̀sì wọn pẹ̀lú àbẹ́là, àwọn mìíràn ti ń sọ ohun tó pa á fún ẹni tí kò béèrè. Nígbà tí àwọn ọmọ bá fi máa tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ nǹkan kan, ohun tí eléyìí gbọ́ kò sì bá ti ìyẹn mu. Ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé sábà máa ń ṣe ni pé á ní kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀, á wá ní kí kálukú máa lọ sí kíláàsì. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá olóògbé jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ọdún tó kọjá kò tíì gbọ́ ohunkóhun tó lè dì mú.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ọ̀ràn kan tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ká tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé-ìwé. Ká sọ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, ní Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún, ẹni ọdún mẹ́wàá, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Lálẹ́ ọjọ́ Jimọ̀, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Sátidé, ó sì kú ní ìdájí ọjọ́ Àìkú. Mùsùlùmí ni ìdílé rẹ̀, nítorí náà wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Tíṣà kan tó ń gbé àdúgbò wọn ló tẹ ọ̀gá láago. A ò ní sọ ọmọ náà lórúkọ; níbi tí orúkọ rẹ̀ bá ti yẹ kó wà, Lágbájá la ó máa pè é.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu ọ̀gá kì í ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe sí tíṣà. Ìdílé ló yẹ kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ọmọ méjì jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọ́n sì fi ọ̀kan ṣọ̀fọ̀ èkejì, torí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú ló yẹ ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ìyá ọmọ la máa bi. Àbúrò bàbá rẹ̀, tàbí àgbà ilé kan, ló yẹ. Lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti ní “Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra,” ohun tó kù kò gùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́la. Kí lẹ fẹ́ ká sọ fún wọn pé ó ṣe é? Bí a bá fẹ́ wá kí yín, ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?”

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í sábà rọrùn. Òkú àgbà là ń pariwo rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí à ń ránṣọ fún, tí à ń pe onílù sí. Òkú ọmọdé, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìlú pọ̀ tí òbí kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe orúkọ ọmọ náà létí ìyá rẹ̀. Ìdílé mìíràn ò ní fẹ́ kí ilé-ìwé dárúkọ àìsàn náà rárá, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ yìí ṣì ń bọ̀ wá fẹ́ ọkọ, wọ́n sì ń bọ̀ wá fẹ́ ìyàwó. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti pààlà tó ṣe kedere. Ohun tó pa ọmọ, ìdílé ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní “àìsàn” nìkan ni ká sọ, àìsàn nìkan la ó sọ. Ṣùgbọ́n pé ọmọ náà kú, ilé-ìwé ò lè fi ìyẹn pa mọ́ fún ọmọ ogójì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Bí àgbà ilé bá ní ká sọ fún wọn pé ó ti lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èkó, ọ̀gá á fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ àdúgbò ti rí i nígbà tí wọ́n ń gbé òkú jáde, pé bí ilé-ìwé bá purọ́ lónìí, wọn ò ní gba ohun mìíràn tó bá sọ gbọ́ mọ́. Nínú ọ̀ràn tí à ń wò yìí, ká gbà pé ìdílé fara mọ́ ọn: ẹ sọ pé ó ṣàìsàn, ẹ sọ pé ó kú, ẹ má dárúkọ àìsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tíṣà ló ń kọ́kọ́ gbọ́, ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí kí agogo tó lù. Nígbà tí mo bá ní tíṣà, mo fi ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kún un, mo fi ìyá tó ń gbálẹ̀ kún un, àti ìyá tó ń ta ìrẹsì nídìí ọgbà. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọmọ máa lọ bá nígbà ìsinmi ráńpẹ́ láti bi í pé “Màmá, ṣé òótọ́ ni?” Bí ọ̀gá kò bá sọ ohun tí wọ́n máa dáhùn fún wọn, ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jà ni wọ́n máa sọ.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa bá wọn sọ lè lọ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni mo pè yín fún. Lágbájá tó wà ní kíláàsì karùn-ún kú ní ìdájí àná nílé ìwòsàn. Àìsàn ló ṣe é. Wọ́n ti sin ín. Mo ti bá àbúrò bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ wa mọ nìyẹn. Bí ọmọ bá bi yín ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ ò mọ̀. Bí omijé bá bọ́ lójú yín níwájú wọn, kò burú. Ẹ kàn má jẹ́ kó di pé àwọn ọmọ ló ń rẹ̀ yín lẹ́kún. Kí ẹnikẹ́ni jọ̀ọ́ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Wọ́sáàpù. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò lè dúró níwájú kíláàsì láàárọ̀ yìí, kó sọ fún mi nísinsìnyí, kò sí ìtìjú níbẹ̀, a máa rí ẹlòmíràn fi síbẹ̀.”

Kí ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, bí kò ṣe pé ẹnu máa ń gbọ̀n lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu tó bá sì ń gbọ̀n máa ń wá ohun tí yóò fi kún ọ̀rọ̀ kó lè gùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi kún un ni “mo ti ń sọ fún ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀” ti máa ń wọlé. Ẹ ha ìwé náà fún gbogbo tíṣà, kí kíláàsì kìíní àti kíláàsì kẹfà lè gbọ́ ìtàn kan náà.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ẹnì kan wà tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ pè sẹ́yìn. Ẹni yẹn ni tíṣà kíláàsì karùn-ún. Bóyá ní Ọjọ́bọ̀ ló na ọmọ náà ní ẹgba méjì nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá. Bóyá ọmọ náà ní “Àǹtí, ẹsẹ̀ ń dùn mí,” tó sì ní kó lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde nínú ìpàdé, àfi kí ọ̀gá béèrè. Kó má sáré sọ pé “Kò kàn ẹ́ rárá.” Kó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, kó sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un: pé òtútù, àìmu omi tó, ibà, kòkòrò àrùn àti wàhálà ara ló sábà máa ń dá irú ìrora yẹn sílẹ̀, pé lọ́pọ̀ ìgbà dókítà gan-an kì í lè nàka sí ọ̀kan ṣoṣo, àti pé òun ò tíì rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ tó sọ pé ẹgba Ọjọ́bọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ìwádìí. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fi ìtùnú bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ àǹtí yẹn bá sì ń gbọ̀n, kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, àǹtí á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń wò.

Báyìí ló wá kan àwọn ọmọ. Ó ti mọ́ wa lára pé gbangba orí ìlà, níbi tí wọ́n ti ń kọrin orílẹ̀-èdè, ni à ń kéde ohun gbogbo: eré ìdárayá, owó ẹgbẹ́ òbí, ọmọ tó jí bírò. Ikú ọmọ kíláàsì kò yẹ níbẹ̀. Lórí ìlà, ọ̀gá ò lè rí ojú ẹnikẹ́ni, ọmọ kankan ò lè béèrè ọ̀rọ̀, bí ọmọ kan bá sì ké ní kíláàsì kẹrin, igbe náà máa ń sáré dé kíláàsì kìíní kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí. Kí àwọn ọmọ wọlé ní ọjọ́ yẹn láìtò. Kí tíṣà kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ ní kíláàsì tirẹ̀, ní àkókò kan náà, lójúkojú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, kí ọ̀gá ti pe àwọn tó sún mọ́ ọn jù sí ọ́fíìsì: ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, àti ọmọ bàbá rẹ̀ kékeré tó wà ní kíláàsì kejì, bí wọ́n bá ṣì rán an wá. Irú àwọn wọ̀nyí ò yẹ kó gbọ́ ọ láàárín èrò.

Ohun tí mo máa fẹ́ kí kíláàsì karùn-ún gbọ́ nìyí: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ le, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lágbájá ti kú. Ó ṣàìsàn láti ọjọ́ Jimọ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà le gan-an, ó sì kú ní ìdájí àná. Wọ́n ti sin ín. Kò ní í wá sílé-ìwé mọ́. Inú mi bà jẹ́, inú àǹtí yín náà bà jẹ́. Àwọn kan nínú yín lè sunkún, àwọn kan lè má sunkún, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àìsàn tó ṣe é kì í ràn. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni sọ tàbí tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú kíláàsì yìí ló pa á. Ẹ lè béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo bá mọ̀, màá sọ fún yín.”

Ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lẹ́yìn “ti kú,” etí àwọn ọmọ á dí fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà kan máa sọ pé ó ti le jù, pé ẹnu Yorùbá kì í ṣe báyìí sọ ọ̀rọ̀ ikú. Òótọ́ ni. Láàárín àwa àgbà, a ní “ó ti sùn,” a ní “ó ti relé,” a ní “Ọlọ́run ti pè é,” gbogbo wa sì mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún márùn-ún ṣì lè rò pé ẹni tó kú á padà wá. Nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ni ó sábà máa ń yé wọn pé ikú kò ní àbọ̀, pé ara tó kú kò mọ òtútù kò mọ ebi, àti pé gbogbo ẹni tó wà láàyè ló ń kú nígbà kan. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ kékeré pé Lágbájá sùn, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun náà ò ní fẹ́ sùn, ìyá rẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Bí wọ́n bá ní ó rìnrìn àjò, á máa retí rẹ̀, á sì máa bínú pé kò dágbére. Èyí tó burú jù létí mi ni “Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ ló ṣe mú un.” Ọmọ tó bá rò ó dáadáa á rí i pé ó sàn kí Ọlọ́run má fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ká yọ Ọlọ́run kúrò. Ní kíláàsì tiwa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń jókòó ni, àwọn ọmọ sì máa béèrè ibi tí ọ̀rẹ́ wọn wà. Kí “ó ti kú” kọ́kọ́ wọlé, kí ó yé wọn. Lẹ́yìn náà tíṣà lè sọ pé ìdílé Lágbájá gbà pé ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó sì ní kí ọmọ lọ bi àwọn òbí tirẹ̀ ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́.

Gbólóhùn tó ní kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe ló pa á, ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa fò ó nítorí wọ́n rò pé ta ló máa ro irú ìyẹn. Àwọn ọmọ ń rò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ti bá Lágbájá jà nítorí rọ́bà, ó sì ti sọ fún un pé “Wàá kú ni!” bí àwọn ọmọ ṣe máa ń bú ara wọn. Ọmọ yẹn wà nínú kíláàsì, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì dá a lójú pé ẹnu òun ló pa á. Gbólóhùn kan yẹn ló ń dúró dè.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí, kí ọ̀gá dákẹ́, kó dúró. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lè má jọ ìbànújẹ́ rárá. “Ta ló máa jókòó sí àyè rẹ̀?” “Ta ló máa gba àwọn ìwé rẹ̀?” Ẹ má jágbe mọ́ ọmọ náà pé kò lójú àánú, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ń fọwọ́ kan ọ̀ràn ńlá nìyẹn, láti etí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá béèrè bóyá ó dun Lágbájá, ẹ sọ pé ara ro ó, pé àwọn dókítà fún un ní oògùn, pé ní báyìí kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́. “Ṣé èmi náà máa kú?” máa wá, bóyá lónìí, bóyá lọ́la: “Gbogbo ènìyàn ló ń kú nígbà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń dàgbà kí wọ́n tó kú, bí ọmọdé bá sì ṣàìsàn, ó sábà máa ń yá.” Ẹ má ṣèlérí pé kò ní kú láéláé. Ọmọ kan á sì ní bàbá òun sọ pé ayé ló ṣe é, tàbí pé àbíkú ni. Tíṣà kò ní bá bàbá ọmọ jà níwájú kíláàsì. Ohun tó máa sọ ni pé: “Àìsàn ló ṣe é, ó sì kú nílé ìwòsàn. Ohun tí àwa mọ̀ nìyẹn.”

Ìdí tí mo fi yan àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde fún àpẹẹrẹ yìí ni pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in jù lọ lágbàáyé, èyí tó fi jẹ́ pé ilé-ìwé tí ọ̀kan bá ti kú, àfàìmọ̀ kí òmíràn má wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn ti mọ ohun tó pa Lágbájá, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti jọ pàdé rí níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ìlérí tí ọ̀gá ṣe fún ìdílé ṣì dúró, kò lè sọ pé “irú tìrẹ ló pa á.” Síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ náà gbé ẹ̀rù yẹn délé. Kó pè é sí kọ̀rọ̀, kó sì bá a sọ nípa ara tirẹ̀: “Ọ̀rọ̀ Lágbájá, àwọn ará ilé wọn ló ni ín, mi ò ní sọ ọ́. Ìwọ ni mo pè. Bí ara bá ń ro ẹ́ nígbàkigbà, bí wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, gbé ọwọ́ sókè kí o sọ, a máa pe màmá rẹ lójú ẹsẹ̀. O lè gbé omi rẹ wọ kíláàsì. O lè wọ súwẹ́tà rẹ nígbà ọyẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní kí o bọ́ ọ nítorí yúnífọ́ọ̀mù.” Kó wá sọ ọ́ fún àwọn tíṣà kí ó má di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kó sì pe ìyá ọmọ náà kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́.

Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ti gbọ́, ilé-ìwé lè wá péjọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí Mùsùlùmí kan ṣàdúrà, kí Kìrìsìtẹ́nì kan ṣàdúrà. Wàásù kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ má fi ọmọ tó kú kọ́ àwọn tó kù lẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ pé mọ́tò ló gbá a tàbí pé odò ló gbé e. Ọ̀rọ̀ nípa títìtì kọjá lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ìdánwò ní kíláàsì karùn-ún. Títi ilé-ìwé pa kì í ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé tó dá páropáro ni ọ̀pọ̀ wọn á bá, fóònù á sì wà lọ́wọ́ wọn.

Rẹ́jísítà wá ń kọ́? Àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ń pe orúkọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà tí ọkàn rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ á pe Lágbájá, gbogbo kíláàsì á sì wo bẹ́ǹṣì. Kí tíṣà sọ fún wọn ṣáájú pé òun ò ní pe orúkọ náà mọ́, àti ìdí rẹ̀. Àyè rẹ̀, ẹ má gbé e kúrò kí wọ́n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ bi àwọn ọmọ lópin ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ní ilé-ìwé aládàáni, àṣìṣe kan wà tó le ju gbogbo èyí lọ: ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ ìránṣẹ́ owó ilé-ìwé ránṣẹ́. Ó lè pé oṣù méjì tí ọmọ ti kú, kí fóònù ìyá rẹ̀ dún pé kó wá san owó ọmọ rẹ̀ kí wọ́n má bàa lé e padà sílé. Kí akọ̀wé yọ orúkọ náà kúrò lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an, nínú àkójọ owó, nínú ti ìdánwò, nínú ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Kó sì pa àwọn ìwé àti àwòrán tí ọmọ náà yà mọ́. Ìyá rẹ̀ lè má fẹ́ rí wọn báyìí. Lọ́jọ́ kan ó lè ránṣẹ́ wá gbà wọ́n.

Àwọn òbí yòókù náà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́jọ́ yẹn, ojú ìwé kan péré, tó sọ ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ gẹ́lẹ́, tó sì sọ fún wọn pé ọmọ wọn lè tọ̀ sílé, lè máa lẹ̀ mọ́ wọn, tàbí kó máa ṣeré bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí kò bá gbogbo ikú mu. Bí ọmọ girama bá pa ara rẹ̀, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, kò gbọ́dọ̀ sọ pé nítorí ìdánwò tàbí ọ̀rẹ́kùnrin kan ni, nítorí ìdí kan ṣoṣo kì í tó, kò sì gbọ́dọ̀ yìn ín bí akọni, kí ọmọ mìíràn tó ti ń rò ó má bàa rí ọ̀nà tí wọ́n á fi yìn òun náà. Ohun tó máa sọ ni ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ lónìí, orúkọ ẹni náà àti yàrá tó wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ọgbà ilé-ìwé ni ọmọ kú sí, ẹnu ọ̀gá máa fẹ́ gbèjà ilé-ìwé kí ó tó ṣọ̀fọ̀. “Ilé-ìwé wa ò jẹ̀bi” kò yẹ kó jáde níwájú àwọn ọmọ. Kó ní: “Àwọn ọlọ́pàá ń wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. A máa sọ gbogbo ohun tí a mọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá rí nǹkan kan, kó sọ fún òbí rẹ̀ tàbí fún mi.”

Ìlérí ìrántí náà wà lára ohun tó yẹ kí ọ̀gá pa mọ́ sínú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Sosólísò já ní Pọtá, ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ Lòyólà Jẹ́súìtì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àbújá ló kú níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn Jẹ́súìtì dá ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀ nítòsí Pọtá ní ìrántí wọn. Ìjàǹbá tó kó ọgọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa yàtọ̀. Bí ọ̀gá bá ṣèlérí fún Lágbájá lónìí pé wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé ìkàwé, kí ni yóò ṣe fún ọmọ kíláàsì kejì tó bá kú lọ́dún tó ń bọ̀, tí òbí rẹ̀ jẹ́ aláìní, tí kò sì gba ipò kìíní rí? Igi kan, tàbí ìwé ńlá kan tí gbogbo ọmọ lè kọ nǹkan sí, tó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ti tó.

Ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ, kí ọ̀gá tún pe àwọn tíṣà jọ. Kó bi wọ́n ní ọmọ tí kò jẹun, ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kankan, ọmọ tó ń lu ẹlòmíràn, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kó bi àwọn tíṣà fúnra wọn léèrè bó ṣe rí fún wọn, pàápàá èyí tí ọmọ tirẹ̀ ti kú rí. Kí wọ́n pinnu ẹni mẹ́ta tó máa lọ kí ìdílé ní ọjọ́ tí wọ́n dá, láìkó ọmọ ilé-ìwé dání àfi bí ìdílé bá béèrè. Ní ọjọ́ Jimọ̀, kó tún mú ìwé orúkọ yẹn jáde, kó sì bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ní: “Mo kàn ní kí n bi ẹ́ bóyá o ti ń sùn dáadáa lálẹ́.”